Ẹ gbà mí o: mo pààrọ̀ kátíríìjì fílítà, omi wá ń ta bí irin, kò sì ṣàn mọ́

Ìyá Ayọ̀ (Akobo): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi gan-an ni. Mo pààrọ̀ kátíríìjì méjèèjì inú fílítà ìdáná wa, funfun àti dúdú. Láti ìgbà náà ni omi ti ń ta lẹ́nu bí ìgbà téèyàn lá kọ́bọ̀. Kí ife kan ṣoṣo tó kún, ẹsẹ̀ á ti máa ro mí. Ẹni tó tà á fún mi ní Dugbe búra pé ojúlówó ni, ní báyìí kò gbé fóònù mi mọ́. Ọkọ mi ti sọ fún mi pé kí n má náwó sí i, ó wá ń wò mí bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Owó iléèwé àwọn ọmọ ń bọ̀, mi ò lè tún máa ra omi mímu. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Bọ̀dá Àpáta: Ayédèrú ni, ẹ má wulẹ̀ wádìí. Èmi náà ra dìspẹ́ńsà, omi rẹ̀ ń run ike títí mo fi gbé e fún àbúrò mi.

Àǹtí Alárọ: Bọ̀dá, fílítà ni wọ́n ń sọ o. Ìyá Ayọ̀, kátíríìjì dúdú tuntun máa ń ní eruku. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn dànù gba inú rẹ̀ dáadáa, adùn yẹn á lọ.

Púlọ́ńbà Mọ́níyà: Àǹtí, ti eruku dúdú lẹ sọ yẹn. Adùn irin tí kò lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eruku. Ìyá wa, ẹ ò tíì sọ ibi tí omi yín ti ń wá. Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára funfun náà? Ẹ ti omi pa, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa orí ìdérí kí agbára inú rẹ̀ jáde, ẹ yọ kátíríìjì méjèèjì, ẹ dé ike náà padà lófìfo, kí ẹ wá ṣí omi. Bó bá tú jáde dáadáa, kátíríìjì ló ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi níbi tí kò tíì dé fílítà, ẹ tọ́ ọ wò.

Bọ̀dá Àpáta: Ṣé ẹ yọ ọ̀rá ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sí i?

Ìyá Ayọ̀: Mo yọ ọ̀rá, èmi kì í ṣe ọmọdé. Máíkírónì 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 5 ni ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á ní ó máa sẹ́ omi mọ́ jù. Kí ló burú nínú kéèyàn ra èyí tó dára jù?

Púlọ́ńbà Mọ́níyà: Kò burú bí pọ́ǹpù bá ń ti omi. Ṣùgbọ́n táǹkì tó ga ní mítà 3 sí ẹ̀rọ omi yín, agbára rẹ̀ kò ju 0.3 bar lọ. Ihò máíkírónì 1 ti kéré jù fún un, ó sì tètè ń dí. Ti adùn ńkọ́?

Ìyá Ayọ̀: Lófìfo, ó tú jáde. Àmọ́ omi tí kò tíì dé fílítà náà ń ta bí irin. Kátíríìjì funfun ọ̀hún ti pọ́n, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun sí ẹ̀yìn ilé, torí pé ti àtijọ́ gbẹ. Àárín ìgbà tí mo pààrọ̀ kátíríìjì náà ni. Mi ò rò pé ó kan fílítà.

Àǹtí Alárọ: Háà! Òun gan-an ló kàn án!

Bọ̀dá Àpáta: Ẹ da álọ́ọ̀mù sí táǹkì.

Púlọ́ńbà Mọ́níyà: Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ, kì í mú irin tó ti yọ́ sínú omi. Ẹ bu omi kànga sínú ìgò funfun kó tó dé táǹkì, ẹ gbé e kalẹ̀ di àárọ̀. Bó bá mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bù ú, tó wá pọ́n tí ìdọ̀tí sì rọ̀ sísàlẹ̀, irin ni. Nígbà tó yọ́, fílítà kò rí i mú, kátíríìjì dúdú kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́, ó di ìpẹtà, ìyẹn ló dí kátíríìjì yín. Ẹni tó tà á kò jẹ̀bi adùn yẹn.

Ìyá Ayọ̀: Mo ti bù ú. Ó pọ́n láàárọ̀ yìí. Kí ni ṣíṣe?

Púlọ́ńbà Mọ́níyà: Ẹ jẹ́ kí omi kànga wọ táǹkì láti orí, gba inú páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára, kó máa fọ́n bí òjò. Kó sinmi di ọjọ́ kejì, kí ìpẹtà rọ̀ sísàlẹ̀. Páìpù tó ń wọlé kó má ṣe mu láti ìdí táǹkì gan-an, kẹ́ ẹ sì máa ṣí ìdí rẹ̀ dànù. Ẹ dá kátíríìjì máíkírónì 5 padà. Àmọ́ ẹ gbé omi náà lọ sí láàbù kọ́kọ́: bí irin bá ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, ó ń ba aṣọ funfun jẹ́. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, fífọ́n nìkan lè má tó, á gba fílítà irin gidi.

Ìyá Ayọ̀: Onílé ní omi òun kò ní àléébù, àwọn ayálégbé yòókù ò sì fẹ́ dáwó. Táǹkì rẹ̀ ni, ṣé èmi ni kí n máa lu páìpù ní ihò?

Àǹtí Alárọ: Ẹ gbé ìgò náà lọ fún un kó rí i fúnra rẹ̀.

Bọ̀dá Àpáta: Èmi ṣì ní ayédèrú ni.