Lẹ́tà ìgbaniwọlé dé, àmọ́ ọjọ́ gbèdéke mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀

Ọmọ Ìkirè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Yunifásítì kan nílùú Ọba ti gbà mí fún másítà, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ti kọ ìmeèlì "mo gbà, ẹ ṣé" sílẹ̀, ó ku kí n fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ tún lẹ́tà náà kà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Conditional ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n dáhùn kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, kí n san dìpọ́sítì £4,000 kó tó di ọjọ́ 10 oṣù keje, kí n sì ti mú àwọn nǹkan tí wọ́n béèrè wá kó tó di ọjọ́ 31 oṣù keje. Nǹkan méjì ni wọ́n béèrè: tíránsíkírípítì tó wá tààrà láti iléèwé mi, àti ẹ̀rí pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń sáré tíránsíkírípítì yìí, kò tíì jáde. Ṣé kí n san owó náà? Owó kọ́ọ̀pù ìyá mi ni.

Bàbá Ìbejì: Má fi falẹ̀ o! Ti ọmọ mi lọ́dún tó kọjá, a wọ CAPS, a tẹ Accept Admission, a wá san owó ìgbàwọlé lórí pótá iléèwé. Bí o ò bá tẹ Accept, wọ́n lè fi àyè rẹ fún ẹlòmíì.

Ọmọ Ìkirè: Ẹ ṣé sà. Kì í ṣe ti JAMB o, ìlú Ọba ni.

Akin Ìlọrin: San án, jàre. Wéèkì rẹ ti tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn ò bá sì fún ẹ ní físà, wọ́n á dá owó padà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe.

Àǹtí Leeds: Akin, ó kù díẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé fọ́dún mélòó kan níbí. Àwọn kan gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì Wéèkì, àwọn mìíì á ní B3 ni dandan. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tirẹ̀ ló máa tẹ̀ lé.

Àbúrò, jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmeèlì "mo gbà" yẹn lè má jámọ́ nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ò ka ìdáhùn kún àyàfi kí o tẹ̀ ẹ́ lórí pótá wọn. Wo ibi tí wọ́n ti kọ bí wàá ṣe dáhùn. Bíbá wọn gbà kì í sábà ná ẹ lówó, nítorí náà dáhùn kó tó di ọjọ́ 30.

Ti owó ló ṣòro. Wá ìwé ìlànà dídá dìpọ́sítì padà, wọ́n sábà máa ń so ó mọ́ lẹ́tà ní ìsàlẹ̀. Ó sábà máa ń sọ pé àwọn á dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ní físà, tàbí bí máàkì rẹ ò bá tó. Tíránsíkírípítì tó pẹ́ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí n kọ̀wé sí wọn lónìí, kí n tó sanwó. Fi rìsíìtì tí o fi bèèrè tíránsíkírípítì sí i, fi èsì ìdánwò tó wà lọ́wọ́ rẹ sí i, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ 10 síwájú, àti bóyá wọ́n á dá owó padà bí iléèwé rẹ bá fi falẹ̀. Kí ìdáhùn wọn wà nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sún un, rántí pé ọjọ́ tí owó *bá dé ọwọ́ wọn* ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́. Báǹkì lè gbé e lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Akin Ìlọrin: Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ bó bá dúró pẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ gba CAS, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí wọ́n fi ń bèèrè físà?

Àǹtí Leeds: Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Wọn kì í fún èèyàn ní CAS títí gbogbo ohun tí wọ́n béèrè fi pé, láìsí CAS kò sì lè bèèrè físà. Ṣùgbọ́n kò ní láti dúró de CAS kó tó kó owó ìgbọ́bùkátà sí báǹkì. Ọjọ́ 28 léraléra ni owó yẹn gbọ́dọ̀ fi wà níbẹ̀ láìdínkù, kí ó ti máa ka tirẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣadé: Aago wo ni wọ́n ń lò fún ọjọ́ 10 yẹn? Ìyàtọ̀ wákàtí kan ló ba tèmi jẹ́ nígbà kan, oṣù kìíní ni.

Àǹtí Leeds: Tiwọn ni, mà. Lóṣù keje, aago ibí àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Nígbà òtútù ni tiwa níbí ń fi wákàtí kan rìn lẹ́yìn.

Ọmọ Ìkirè: Mo ti rí ìwé ìlànà náà. Ó sọ pé àwọn á dá a padà bí mi ò bá lè mú ohun tí wọ́n béèrè wá, "níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti sa gbogbo ipá mi". Ṣé rìsíìtì oṣù kẹrin tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí?

Àǹtí Leeds: Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á ní ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Bi wọ́n.

Ọmọ Ìkirè: Mo ti kọ̀wé náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ní òun lè bá mi san án látinú báǹkì tòun.

Àǹtí Leeds: Béèrè ìyẹn náà. Bí wọ́n bá máa dá a padà, inú àkáǹtì tó ti wá ló sábà ń padà sí, kì í ṣe tìrẹ tàbí ti màmá.