Mẹ́sééjì àárọ̀ ní Faransé fún bọ̀bọ́ mi tó wà lọ́nà jíjìn

Àbẹ̀ní: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Ọmọ Faransé ni bọ̀bọ́ mi, òkun ló wà láàárín wa, mo sì fẹ́ kó jẹ́ mẹ́sééjì mi ló máa kọ́kọ́ rí tó bá ti jí, àmọ́ ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ti òní rèé:

« Bon matin mon amour. J'espère que vous avez bien dormi. Je te manque beaucoup. »

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n tún ṣe níbẹ̀?

Túnjí: « vous » yẹn ni, ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn ń pe olólùfẹ́ ẹ̀ ní « ẹ », fi « tu » síbẹ̀. Bon matin ò ní wàhálà, wọ́n máa ń sọ ọ́. Kó o wá fi « Je t'aime beaucoup » parí ẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa.

Màmá Fadé: Túnjí àbúrò mi, òótọ́ lo sọ lórí vous, àmọ́ àwọn ará Kùbẹ́ẹ̀kì ní Kánádà ló máa ń kíra wọn ní bon matin, ará Faransé á ní bonjour, tàbí coucou tó bá jẹ́ ẹni tó sún mọ́ wọn. Beaucoup yẹn náà, tó o bá ti fi kún je t'aime ńṣe ló ń dín in kù, ó ti wá dà bí ohun téèyàn ń sọ fún ọ̀rẹ́ lásán, je t'aime ò fẹ́ àlékún kankan.

Àbẹ̀ní, « Je te manque » tó o kọ síbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun ni àárò ẹ ń sọ! Ṣebí àwa náà máa ń ní « àárò rẹ ń sọ mí », ẹni tá à ń sàárò ẹ̀ la kọ́kọ́ ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé ṣe ń tò ó: tu me manques. J'espère que yẹn ò burú o, ó kàn gùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú ni. Tó bá ní ìpàdé lónìí, dárúkọ ìpàdé yẹn gan-an, ìyẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀ pé òun lò ń bá sọ̀rọ̀:

« Coucou mon cœur, bien dormi ? Tu me manques. Bon courage pour ta réunion, bisous »

Wálé: Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni tèmi ní tiẹ̀, ṣé « ma cœur » ni màá kọ?

Màmá Fadé: Rárá o, mon cœur àti mon amour kì í yí padà. Chéri ló máa di ma chérie.

Àbẹ̀ní: Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ ṣé gan-an mà! Ṣé kí n máa fi je t'aime sí i láràárọ̀?

Màmá Fadé: Tèmi ni pé je pense à toi tó fún ọjọ́ mìíràn.

Túnjí: Èmi ò gbà o, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn yẹ kó máa gbọ́ je t'aime lójoojúmọ́.