Kí lẹ kọ sí àwọn oníbàárà lọ́jọ́ tí ọjà pẹ́ tàbí tó gbówó lórí? Ẹ sọ tiyín

Aláró Ìtòkú:
Èmi ni mo béèrè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìdì 40 ló wà lọ́wọ́ mi, yáàdì 5 ní ìdì kọ̀ọ̀kan, èèyàn 12 ló ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ti sanwó. Mo ti ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù náà. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò dá. Aṣọ tí kò bá gbẹ dénú ṣe é ká ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, aró ti ràn láti apá kan sí èkejì, òórùn ẹ̀ á sì dà bí òórùn yàrá tí wọn ò ṣílẹ̀kùn ẹ̀ rí.

Mo bá kọ̀wé sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù. Mo fi «Ẹ kú ìfaradà ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà» bẹ̀rẹ̀, mo gbàdúrà ìlà méjì, mo bẹ̀bẹ̀, mo wá ní ọjà ń bọ̀ láìpẹ́. Ohun kan náà ni mo gbé sí Ínsítágíráàmù. Ní ọjọ́ Ẹtì, màmá kan ń pè mí láti gáréèjì n'Íbàdàn, wọ́n ti dúró de wébìlì láti aago mẹ́sàn-án. Wọn ò rí nǹkan kan tí mo kọ. Wọn ò fi nọ́ńbà mi pamọ́ sórí fóònù wọn, sítátọ́ọ̀sì ò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà rẹ pamọ́. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́rin nínú àwọn 12 ló wà bẹ́ẹ̀. Ní Ínsítágíráàmù ńkọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣí. Àdúrà nìkan ni wọ́n rí. Ẹnì kan tiẹ̀ dáhùn pé «Àmín o.»

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pe màmá Ìbàdàn fúnra mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé èyí síta, mo ya àwòrán aṣọ lórí okùn lábẹ́ òjò sí i:

«Aṣọ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kò jáde lónìí. Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù keje, ni màá fi ránṣẹ́. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Tí mo bá ká a ní tútù, aró á ràn, á sì máa rùn. Ẹni tí kò lè dúró, ẹ kọ ‹owó› sí mi, màá dá a padà lónìí. Láti 1 oṣù kẹjọ, ìdì kan á di 11,500 dípò 9,000, torí aṣọ funfun tẹ́rù tí mò ń rà ní 5,000 ti di 7,500. Ẹni tó bá sanwó kí oṣù yìí tó parí, 9,000 náà ni.»

Ènìyàn kan péré ló gba owó ẹ̀. Nínú ọkàn mi, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo rò pé aṣọ á gbẹ, mo wá fi ọjọ́ mẹ́ta lé e. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 20, ló kúrò lọ́wọ́ mi. Ká ní ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni mo kọ ni, mo tún ti purọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ìyá Kéèkì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣàlàyé ní tèmi. «Owó kéèkì ti lé, iye rẹ̀ nìyí,» ó parí. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹyin ló mú un wá, á ní kí n ṣe èyí tí ẹyin ẹ̀ kéré. Wọ́n ti wí bẹ́ẹ̀ fún mi rí!

Aláró Ìtòkú:
Ọ̀rọ̀ yín ní òtítọ́ nínú, ìyá wa. Àlàyé tó gùn ló ń di ìnájà. Ṣùgbọ́n ẹ wo tèmi: 2,500 ni tẹ́rù fi lé, 2,500 náà ni mo fi kún un. 12,500 ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, kí n fi ẹgbẹ̀rún kan pa mọ́ de ìgbà tí kọ́sítíìkì tí mo fi ń po aró náà bá lé. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ló mọ iye tí wọ́n ń ta tẹ́rù ní Ìtòkú. Wọn ì bá rí i.

Ìyá Kéèkì:
Àwọn tó ń ra kéèkì ò mọ iye ìyẹ̀fun. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọjà kan náà.

Alápò Dàǹtókpá:
Ẹ̀gbọ́n Aláró, ibì kan wà tí ẹ ò sọ. «Kí oṣù yìí tó parí, 9,000 náà ni» yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀?

Aláró Ìtòkú:
Háà! Ẹ ti mú mi. Ìdì 23 ni wọ́n sanwó fún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tẹ́rù àtijọ́ tó kù nílé, ìdì 9 ló tó. Tẹ́rù olówó gọbọi ni mo rà fún 14 tó kù, mo sì tà á ní owó àtijọ́. 35,000 ló bá a lọ.

Alápò Dàǹtókpá:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Iye tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ máa kọ: «ìdì 9 ló kù ní 9,000.» Ọjọ́ kò mọ iye ẹrù tó wà nílé yín. Báàgì ni mò ń kó wá láti Kùtọnu, séfà ni mo fi ń rà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, mo ti gba àsansílẹ̀ ìdajì lọ́wọ́ èèyàn méje. Owó náírà tó wà lọ́wọ́ mi kò ra iye séfà tí mo ṣírò mọ́. Látìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé iye tí a jọ dá kò ní yí padà fún ọjọ́ 14. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìyókù nìkan ni màá fi owó tuntun ṣírò, màá fi owó àtijọ́ sílẹ̀ lórí ìdajì tí wọ́n ti san.

Aránṣọ Òṣogbo:
Ìyẹn kò dáa, ẹ má bínú. Ẹni tó san ìdajì ti bá yín dá owó. Odidi ọjà náà ló dá, kì í ṣe ìlàjì báàgì.

Alápò Dàǹtókpá:
Tí n kò bá rí i rà ńkọ́?

Aránṣọ Òṣogbo:
Ẹ dá owó wọn padà.

Alápò Dàǹtókpá:
Méjì nínú àwọn méje yẹn ni mo dá a padà fún, wọ́n sì ṣì bínú. Báàgì ni wọ́n fẹ́.

Olóbìnrin Ìkòròdú:
Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni èèyàn ti ń fẹjọ́ aránṣọ sùn? Ó kọ ọ́ sí sítátọ́ọ̀sì pé ara òun ò yá, kí a ṣe sùúrù, aṣọ á pẹ́. Mo fi àdúrà ránṣẹ́ sí i. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, ó gbé àwòrán ara ẹ̀ síbẹ̀ ní òde ìyàwó, ó wé gèlè. Aṣọ mi ò tíì jáde!

Aránṣọ Òṣogbo:
Ẹ má wo èmi o, Òṣogbo ni mo wà.

Aláró Ìtòkú:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ibi ìfẹjọ́sùn nìyí, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ nǹkan tí n kò rò. Ọjọ́ 14 oṣù keje yẹn, ọmọ mi fi fóònù mi gbé àwòrán ọjọ́ìbí ẹ̀ sí sítátọ́ọ̀sì, kéèkì, bálúùnù, gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lábẹ́ ẹ̀ pé «òjò ò pa kéèkì yẹn o.» Mo ti yọ ọ́ kúrò báyìí, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìpè mi mọ́.