Ẹ̀dà àlẹ̀lò ni àbí ẹ̀dà aṣàn? Orúkọ fún oríṣi Linux méjì

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléèwé wa fẹ́ gbé ìwé owó àwọn ọmọ sórí sáfà, èmi ni mo sì ń kọ ìwé ìlò rẹ̀ ní Yorùbá. Ṣé «ẹ̀dà alátìlẹ́yìn pípẹ́» fún «LTS» bíi Ubuntu 24.04, àti «ẹ̀dà ayípo» fún «rolling release» bíi Arch Linux, tọ̀nà? Èwo ni ká sì lò?

Atúmọ̀ èdè: «Ayípo» kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun tó bá ń yípo a máa padà síbi tó ti gbéra, bẹ́ẹ̀ Arch Linux kì í padà: ètò tuntun ń dé lẹ́yìn òmíràn bí omi odò, kò sì sí nọ́ńbà ẹ̀dà tí ènìyàn lè tọ́ka sí. «Ẹ̀dà aṣàn» ni mo dábàá. «Pípẹ́» náà léwu, nítorí «àtìlẹ́yìn pípẹ́» lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí kò tètè dé.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká pe LTS ní «aláìyípadà», torí Ubuntu 24.04 kì í yí padà fún ọdún 5.

Olùtọ́jú sáfà: Ọdún 5 yẹn tọ̀nà, àbúrò, ṣùgbọ́n ó ń yí padà. Nọ́ńbà OpenSSH, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè, kò kúrò ní 9.6p1 lórí rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń mú àtúnṣe ààbò láti inú ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́. Ìrù nọ́ńbà náà, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3ubuntu13, nìkan ló ń gùn sí i. Ẹni tó bá wo 9.6 lásán yóò rò pé a ti pa á tì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ «ẹ̀dà àlẹ̀lò».

Òun náà ló yẹ ìwé owó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi `pacman -Syu` sọ gbogbo ètò dọ̀tun lórí sáfà kan tó ń lo Arch. PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, bọ́ láti 16 sí 17, ó sì kọ̀ láti dìde:

```
FATAL:  database files are incompatible with server
```

Dátà náà kò bàjẹ́. 17 ni kò lè ka bí 16 ṣe tò ó, títí mo fi lo `pg_upgrade` láti tún un tò. Lórí Ubuntu 24.04, 16 ni yóò máa jẹ́, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ayàwòrán: Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun mi kò rí Wáì-fáì lórí Debian 12, Arch ló rí i. Ṣé ẹ ní kí n padà ni?

Olùtọ́jú sáfà: Rárá, mà. Sáfà iléèwé ni mo sọ. Ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń fẹ́ ẹ̀dà tuntun kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, aṣàn sì tètè ń gbé e dé. Kí ẹ ṣáà ti ka ìròyìn Arch kí ẹ tó sọ ọ́ dọ̀tun, kí ẹ sì sọ gbogbo ètò dọ̀tun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn Arch kò fara mọ́ ṣíṣe é lápá kan.

Atúmọ̀ èdè: Mo gbà pé lílẹ̀ ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n «àlẹ̀lò» ń rùn bí aṣọ òtòṣì sí mi. «Àtọ́júpẹ́» ńkọ́?

Olùtọ́jú sáfà: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kò sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Olùbéèrè: Mo ti kọ 24.04 sínú ìwé náà. Mo fi àyè orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná.