«Ìpèpàdé» kọ́!

Akọ̀wé Tuntun: Ẹ jọ̀ọ́, olùdarí wa ní kí n kọ lẹ́tà sí ẹnìkan níta kí wọ́n lè jọ ṣèpàdé. Mo kọ ọ́ báyìí: «Ìwé Ìpèpàdé. Olùdarí fẹ́ rí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n máa gbà yín lálejò.» Ṣé ó dáa?

Tíṣà Àtijọ́: Kò dáa rárá! Ta ló bí «ìpèpàdé» yẹn? Ẹni tó wà lábẹ́ èèyàn lèèyàn ń ránṣẹ́ pè. Ẹni ìta ò gbowó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí lẹ wá ń pè é fún? «Fẹ́ rí yín» tún burú jù, àfi bíi pé ó ṣẹ̀. «Olùdarí fẹ́ bá yín ṣèpàdé» ni kẹ́ ẹ kọ. «Bá» yẹn ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́.

Ọmọ Ohùn: Tíṣà, àmì ohùn lásán ló ṣì. «Pé» lókè ni, bíi ti ìpéjọ. «Ìpépàdé.»

Tíṣà Àtijọ́: Èrò ló ń péjọ. Èèyàn méjì ń péjọ kẹ̀?

Ìyá Ọ́fíìsì: Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. «Wọ́n» ló ń dà mí láàmú. Ìwọ fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ẹ, ẹni tó ń kà á rò pé èrò ló ń dúró de òun. Irú ẹ ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, àlejò náà kó èèyàn mẹ́rin wá sínú yàrá tó jẹ́ àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. «Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀» náà ò ṣe é gbára lé, ó lè ka lẹ́tà ẹ lọ́jọ́ kẹta. Wo ìwé ètò ọ̀gá ẹ, mú àyè méjì, kọ orúkọ àlejò náà sí méjèèjì kí ẹlòmíì má gbà á, kó o tó wá kọ:

«Olùdarí wa ní kí n kọ̀wé sí yín. Olùdarí fẹ́ bá yín ṣèpàdé lórí àdéhùn ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún wa, fún ìṣẹ́jú 45. Èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 14, aago mẹ́wàá àárọ̀, àbí Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 16, aago méjì ọ̀sán? Olùdarí àti èmi nìkan la máa wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di Ẹtì ọjọ́ 10.»

Tó bá ti mú ọ̀kan, tú ìkejì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bọ̀dá Ìdí Iṣẹ́: Olùrànlọ́wọ́ olùdarí lèmi náà, «Igbákejì Olùdarí» ni mo máa ń kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n máa ń tètè dáhùn!

Ìyá Ọ́fíìsì: Háà! Igbákejì lè dúnàádúrà kó sì fọwọ́ síwèé. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀ iye owó ńkọ́? «Akọ̀wé, lórúkọ Olùdarí» ti tó.

Akọ̀wé Tuntun: Ẹ ṣeun mà. Àkọlé ńkọ́?

Tíṣà Àtijọ́: «Ètò Ìpàdé.»

Ọmọ Ohùn: Ètò kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì gbà?

Tíṣà Àtijọ́: Kí ìwọ náà mú tìẹ wá, ṣùgbọ́n má mú «pé» yẹn wá o.