Lẹ́tà iwájú tẹ́ńdà: ta ló ti kó bá rí?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìjọba polówó pé àwọn ń wá ẹni tó máa kó tábìlì irinwó wá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. ₦48,500 ni mo dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦19,400,000. Àpò méjì ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀: ìwé ẹ̀rí àti bí a ṣe máa ṣiṣẹ́ náà sínú ọ̀kan, owó sínú èkejì. Mo lẹ méjèèjì pa dáadáa. Àmọ́ inú àpò àkọ́kọ́ ni mo fi lẹ́tà iwájú sí, mo sì kọ iye owó sínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọ̀gá tó ń kà á dé ìlà kẹta, ó dákẹ́, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Màdáàmù, ẹ ti bá wa ṣí àpò kejì." Wọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀. Ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé e fún kó tó dọjọ́ yẹn.

Dáúdà Káfíńtà
Ìwọ àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí! Ẹni tó kọ owó síbi tí kò yẹ, ṣé àwọn ló di ọwọ́ ẹ̀ mú?

Àkọ̀wé Àtijọ́
Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣí tẹ́ńdà fún ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Ìdí tí wọ́n fi ń ya àpò méjì ni pé àwọn tó ń fún iṣẹ́ ní máàkì kò gbọdọ̀ mọ iye tẹ́nì kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbà. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, máàkì yẹn ti bà jẹ́. Lẹ́tà àpò àkọ́kọ́ kò ju kí ó dárúkọ tẹ́ńdà àti nọ́ńbà ẹ̀, kí ó sọ iye ọjọ́ tí ẹ fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yín, kí ẹni tó láṣẹ láti fi ilé iṣẹ́ ṣe àdéhùn sì buwọ́ lù ú. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 béèrè ìbuwọ́lù yẹn, ṣùgbọ́n kò sọ pé owó nínú lẹ́tà ń lé èèyàn. Ìwé ìlànà tẹ́ńdà fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni tiyín wí, Ìyá Àdùkẹ́?

Ìyá Àdùkẹ́
Bàbá, ó wà níbẹ̀ gbangba. Ojú ewé kọkànlá. Èmi ni mi ò kà á débẹ̀.

Tọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo irú lẹ́tà yìí láti fi wáṣẹ́ ní báńkì?

Dáúdà Káfíńtà
Tọ́lá 😂 kọ iye owó oṣù tó o fẹ́ sí ìlà kẹta.

Bísí Ìjẹ̀bú
Lẹ́tà ò já mọ́ nǹkan kan jàre. Fọ́ọ̀mù tẹ́ńdà ni wọ́n ń wò.

Dáúdà Káfíńtà
Ẹ̀gbọ́n Bísí, ohun tí mo gbàgbọ́ náà nìyẹn títí ó fi jẹ mí níyà. Lẹ́tà ti iṣẹ́ àtijọ́ ni mo ṣí lórí kọ̀ǹpútà, mo pa orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, mo kọ tuntun sí i. Ọgọ́ta ọjọ́ tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n béèrè, àádọ́rùn-ún náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní èwo ni káwọn gbà gbọ́? Mo ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ìwé méjèèjì, ìwọ lo buwọ́ lù ú.

Bísí Ìjẹ̀bú
Ó yẹ kí wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹ.

Àkọ̀wé Àtijọ́
Wọ́n lè béèrè àlàyé, Bísí, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó fi àlàyé sọ ọgọ́ta di àádọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i. Iye ọjọ́ tí ìwé tẹ́ńdà bá dá ni òfin ní kí ó dúró. Ti Dáúdà yìí, bó bá ṣe èmi ni, ǹ bá gba fọ́ọ̀mù. Ẹlòmíì nínú ìgbìmọ̀ wa ì bá yarí.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ṣé ẹ rí i? Ojú ẹni ni wọ́n ń wò.

Bàbá Ṣadé
Tèmi ò ní àríyànjiyàn. Mo kọ ọ́ pé "a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé a gba ìdajì owó." Mo rò pé mò ń ṣe ọkùnrin ni.

Àkọ̀wé Àtijọ́
Ìdajì kẹ̀! Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin 2007 fi dé e nígbà tó jáde, ẹ sì tún máa mú onídùúró wá kí ẹ tó gbà á. Ìlà kan yẹn ti sọ tẹ́ńdà yín di "bí ẹ bá ṣe tèmi, màá ṣe tiyín."

Bàbá Ṣadé
Ìyàwó mi ló tẹ lẹ́tà yẹn. Ó ní kí n yọ ọ́.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ gbà á níyànjú kó wá máa bá mi tẹ tèmi o. Òmíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.