Ìlà A àti ìlà S ló jáde fún ọmọ mi: ṣé AS ni àbí àrùn?

Ìyá Àyọ̀mídé, Pẹ́kámù: Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, nítorí oorun kò kùn mí láti àná. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin. Ìwé tí a gbà ní Ìbàdàn kí a tó wá síbí sọ pé AS ni, wọn kò sì kọ iye kankan sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gidigidi, dókítà ibí tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n sì rí nìyí:

```
Hb A   24%
Hb S   65%
Hb F   5.8%
Hb A2  5.2%
```

Nọ́ọ̀sì ní kí a wá rí dókítà tó ń rí sí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. AS ni mí, AA sì ni ọkọ mi. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo sì lè gbé e wọ bàálù lọ sí Èkó ní oṣù Kejìlá?

Bàbá Rótìmí, Hiúsítìn: Ìyá Àyọ̀mídé, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS kì í ní A rárá, ti ọmọ yín sì ní A, nítorí náà AS ni. Ó ṣeé ṣe kí irin má pọ̀ tó lára rẹ̀, kí ìyẹn sì ti da iye wọn rú. AA àti AS kì í bí àrùn. Gbogbo wa la kọ́ èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó ṣègbéyàwó. Bí wọ́n bá tún un ṣe tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú ilé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Bìmíńgámù: Bàbá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ yìí tú ilé onílé. Òótọ́ ni pé SS tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kì í ní A. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní A àti S ló jẹ́ AS. Èyí tó nípọn jù nínú ìlà méjèèjì ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ní láábù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, a máa ń kán ẹ̀jẹ̀ tí a ti fọ́ sí etí kan bébà sẹ́lúlóòsì tó ti mu omi bọ́fà, a ó sì tan iná sí i. Himogilóbíìnì á máa rìn lọ sí ìhà tó ní àmì àròpọ̀: A ló ń lọ jìnnà jù, F ló tẹ̀lé e, S wà lẹ́yìn F, A2 ló sì kẹ́yìn nítòsí ibi tí a ti kán ẹ̀jẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí a bá ti fi aró pupa sí i, a ó fi ìlà aláìsàn wé ti ẹ̀jẹ̀ AS tí a ti mọ̀ dájú, tó rìn lórí bébà kan náà. Lára AS, A ló máa ń nípọn jù, nítorí pé ṣéènì alfa fẹ́ràn àtiso mọ́ bẹ́tà ti A ju ti S lọ. S sábà máa ń wà láàárín 35% sí 40%. Bí irin bá sì dín kù lára, ńṣe ni S tún máa ń kéré sí i, kì í pọ̀ ju A lọ. S 65% pẹ̀lú A 24% kì í ṣe AS.

Àǹtí Bísí, Tòróńtò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi í bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára rí. SS ni ọmọ tèmi. Ibà sọ ọ́ di aláìlẹ́jẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. A nípọn, S tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n bá kọ AS. Èmi náà gbà á gbọ́, mo dáwọ́ pẹnisílíìnì dúró, ibà ẹ̀dọ̀fóró ló sì gbé wa dé ọsibítù ibí.

Ìyá Àyọ̀mídé, Pẹ́kámù: Àǹtí mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i ní Ìbàdàn nígbà tí ibà kọlù ú. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Àmọ́ àsìkò yẹn gan-an, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ni wọ́n ṣe jẹ́nótáìpù tó jáde ní AS.

Àǹtí Bísí, Tòróńtò: Ó tán! Ìwé Ìbàdàn kò ṣeé gbára lé nìyẹn.

Bàbá Rótìmí, Hiúsítìn: A jẹ́ pé láábù ló jẹ̀bi. Wọn ò ṣáà béèrè.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Bìmíńgámù: N kò lè dá láábù lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ kò bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ohun tí ojú rí lórí bébà ni wọn yóò kọ.

Bàbá Rótìmí, Hiúsítìn: Fọ́ọ̀mù kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó ń gba owó àyẹ̀wò ló yẹ kó béèrè.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Bìmíńgámù: Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ibi tí A ti wá nísinsìnyí. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ lára, nítorí náà A 24% yìí, ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni S ti wá. Ohun tí mo fura sí ni pé bàbá rẹ̀ fún un ní bẹ́tà-talasẹ́míà, irú èyí tó ṣì ń ṣe A, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é tó. Àrùn ni pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń rọjú ju SS lọ.

Ẹni tó ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo, AA ni yóò jọ lórí bébà. Ìlà A á nípọn bí ti ẹlòmíràn, A2 rẹ̀ nìkan ni yóò kọjá 3.5%, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ìlà 2.5% àti ti 5% tó rí fírífírí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, AA ọkọ yín kì í ṣe irọ́, kò kàn sọ gbogbo rẹ̀ tán ni, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn kàn yín. N kò fẹ́ gbára lé A2 5.2% ti ọmọ fúnra rẹ̀, nítorí pé níbi tí S bá wà, ẹ̀rọ HPLC máa ń ka díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ A2.

Bàbá Rótìmí, Hiúsítìn: Mo gba ti talasẹ́míà, Ìyá Àyọ̀mídé, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ká ní Hiúsítìn ni wọ́n bí i sí, wọn ì bá ti rí i láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. FAS ni wọ́n kọ fún àbúrò Rótìmí.

Àdùkẹ́, Lúṣíámù: Ẹ fi Hiúsítìn sílẹ̀, Bàbá Rótìmí! Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n máa ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà yẹn ní ìtumọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Bìmíńgámù: Ó ní, Àdùkẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. FAS túmọ̀ sí pé A ju S lọ. Ti Àyọ̀mídé ì bá jáde ní FSA.

Àdùkẹ́, Lúṣíámù: Ọmọ tí a bá bí sílé ló ń jìyà rẹ̀. Síbẹ̀, àárò Ìbàdàn ń sọ mí. Bó bá jẹ́ Bódìjà ni, àwọn aládùúgbò ì bá ti kún ilé Ìyá Àyọ̀mídé báyìí pẹ̀lú àmàlà gbígbóná.

Ìyá Àyọ̀mídé, Pẹ́kámù: Ẹ ṣeun, Àdùkẹ́, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ọkọ mi ti gbà láti ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́bọ̀, ṣùgbọ́n màmá rẹ̀ kò tíì gbà pé nǹkan lè ti ọ̀dọ̀ tiwọn wá. Ti bàálù oṣù Kejìlá wá ńkọ́?

Àǹtí Bísí, Tòróńtò: Dókítà tí ẹ ń lọ rí ni kí ẹ bi léèrè ìyẹn. Kí ọkọ yín rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé talasẹ́míà ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá kọ jẹ́nótáìpù nìkan, ẹlòmíràn lè wo ìlà A kó tún kọ AA fún un.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Bìmíńgámù: Kí wọ́n wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ àti irin ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bí irin bá dín kù, A2 lè wálẹ̀, talasẹ́míà á sì sá pamọ́ fún wọn.